Mùdù ẹ̀wà méjì, ẹyin mẹ́wàá, kílò ẹja kan àbọ̀: báwo la ṣe máa pín in yí ọ̀sẹ̀ ká?

Ìyá Dámi, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará. Owó oúnjẹ ti há mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi, Bàbá Dámi, ọmọ ọdún 10 kan àti ọmọ ọdún 6 kan la wà nílé, a ò sì ní firíìjì. Ohun tí agbára mi ká lọ́sẹ̀ ni mùdù ẹ̀wà méjì, ẹyin mẹ́wàá, ẹja kòtè kílò kan àbọ̀, edé díẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Báwo ni mo ṣe lè tò wọ́n kí purotéènì tó gbogbo wa? Bàbá Dámi ní kí n fi owó ẹ̀wà ra ẹyin sí i, pé ẹ̀wà kàn ń kún ikùn lásán ni.

---

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá Dámi ò jẹ̀bi o. Inú ẹyin, ẹja àti ẹran ni purotéènì tó pé pérépéré wà. Ti ẹ̀wà kò pé, nǹkan kan wà tí kì í tó nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà láti àárọ̀ dalẹ́, ara ò lè fi mọ ohun kan. Ẹ ra kírétì ẹyin kan, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni òótọ́. Ohun kan dín nínú purotéènì ẹ̀wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun yẹn gan-an ló wà dáadáa nínú àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà. Èyí tó sì dín nínú ọkà wọ̀nyí, ẹ̀wà ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí èèyàn bá jẹ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á dí àlàfo ara wọn. Kò tilẹ̀ di dandan kí wọ́n bá ara wọn nínú abọ́ kan. Ìdí nìyí tí àdàlú fi dára, tí ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì fi dára, tí mọ́ín-mọ́ín pẹ̀lú ògì fi dára. Ẹ̀wà pẹ̀lú gààrí ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí gààrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotéènì kankan tó fẹ́ fi ran ẹ̀wà lọ́wọ́.

Ní ti ẹyin tàbí ẹ̀wà, ẹ jẹ́ ká fi agolo wò ó. Agolo mílíkì kan tí ẹ̀wà gbígbẹ kún dáadáa máa ń wọn bíi gíráàmù 150. Purotéènì inú rẹ̀ á tó gíráàmù 33. Ẹyin kan tí kò kéré ní bíi 6. Ìyẹn ni pé agolo ẹ̀wà kan dúró fún ẹyin márùn-ún àti ààbọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta agolo ẹ̀wà lọ́jà Kàbà, kí ẹ sì béèrè iye ẹyin márùn-ún, kí ẹ gbé e síwájú Bàbá Dámi. Iye owó ń yí padà, ìṣirò yìí kò yí. Ọjọ́ tí ẹyin márùn-ún bá rọjú ju agolo ẹ̀wà kan lọ, ọjọ́ náà ni kí ẹ fi owó ẹ̀wà ra ẹyin.

Èyí kò ní kí ẹ pa ẹyin tì. Ìwọ̀nba rẹ̀ ni kí ẹ lò, ní ibi tí ẹ̀wà nìkan kò ti lè ṣiṣẹ́ náà tán, pàápàá nínú abọ́ ọmọ ọdún 6 tí ikùn rẹ̀ kò gba oúnjẹ púpọ̀.

---

Alágbára

Ẹyin funfun mẹ́fà láràárọ̀, ẹ da pupa rẹ̀ nù. Ẹ yẹra fún iṣu àti ìrẹsì lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, iṣan á yọ.

---

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Alágbára, ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin ni Ìyá Dámi ń bọ́, kò wá iṣan.

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Ẹ má da pupa ẹyin nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì purotéènì ẹyin tó wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni fítámì A rẹ̀ wà. Ilé tó ń ṣọ́ owó kò lè ra nǹkan kó sì kó apá tó dára jù nínú rẹ̀ dànù.

Mo fẹ́ ṣírò ilé Ìyá Dámi kí a mọ ibi tí ẹrù ti wúwo. Àgbàlagbà méjì àti àwọn ọmọ méjì yẹn nílò bíi gíráàmù purotéènì 160 lójúmọ́. Nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ti inú ẹ̀wà àti ọkà wá, tí ara kì í gbà tán bíi ti ẹran, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di 180. Lọ́sẹ̀, ìyẹn á jẹ́ 1,260.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Mùdù méjì tó bá pé jẹ́ bíi kílò ẹ̀wà mẹ́ta, agolo ogún. Purotéènì rẹ̀ á tó 660. Ẹyin mẹ́wàá á mú 60 wá. Kílò ẹja kan àbọ̀, bí ẹ bá ti yọ orí, ìfun àti egungun kúrò, ẹran ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 850 lọ, ìyẹn sì jẹ́ 160. Edé gíráàmù 100 á fún wa ní bíi 60. Gbogbo rẹ̀ 940. Ó ku 320.

320 yìí ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ẹyin. Bí ilé yín bá ń jẹ bíi kílò mẹ́rin ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà láàárín ọ̀sẹ̀, ọkà náà á mú bíi 320 wá fúnra rẹ̀, ẹ ò ní wá ohun kan sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gààrí, fùfú àti àmàlà ni ẹ fi ń jẹ ọbẹ̀ lójoojúmọ́, kílò mẹ́rin gààrí kò lè fún yín ju bíi 50 lọ. Ẹ ó máa yó, purotéènì á sì máa jìn sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Òkun tí ẹ ń jẹ iyán, iṣu náà kò jìnnà sí gààrí níbi ti purotéènì. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi gbà á là.

---

Ìyá Dámi, Kàbà

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni, gààrí la fi ń parí ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo lè fi túwó ọkà bàbà rọ́pò rẹ̀ ní alẹ́ méjì. Ẹ bá mi tò ó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀wọ́.

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Mo máa tò ó nípa ohun tó lè dúró láìsí firíìjì, kì í ṣe nípa ohun tó wuni. Ẹja ló ń bàjẹ́ kíá jù, torí náà ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹja ló máa sọ bí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ṣe máa rí. Ẹ má ra kílò kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ìrìn méjì.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ se agolo ẹ̀wà mẹ́rin pẹ̀lú agolo àgbàdo méjì, àdàlú tí ẹ máa jẹ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Edé kún un, epo díẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ra ìdajì ẹja náà láàárọ̀, kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi iyọ̀ rà á, kí ẹ sì dín gbogbo rẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn. Èyí tó kù, ẹ tú u kúrò lára egungun ní ọjọ́rú, kí ó wọ inú mọ́ín-mọ́ín agolo mẹ́rin. Ẹyin mẹ́rin ni kí ẹ lù sínú ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ògì ni kí ẹ fi jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni túwó ọkà bàbà, gbẹ̀gìrì agolo méjì, ewédú àti edé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyin sísè kan láàárọ̀, kí ẹ wá se ìrẹsì àti ẹ̀wà papọ̀ lálẹ́, agolo ẹ̀wà mẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àkàrà agolo mẹ́ta pẹ̀lú ògì láàárọ̀. Ẹ ra ẹja ìdajì kejì, kí iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ jẹ́ ti alẹ́. Ọjọ́ Àìkú, ọbẹ̀ ẹyin mẹ́rin pẹ̀lú ìrẹsì lọ́sàn-án, agolo ẹ̀wà mẹ́rin tó kù lálẹ́ pẹ̀lú túwó kékeré tàbí àgbàdo sísè.

Oúnjẹ tí mi ò dárúkọ, bí ìgbà tí gààrí bá wọlé lọ́sàn-án, kò burú, bí ọkà bá ṣáà ń wà nínú ọjọ́ náà.

---

Ìyá Oníyán, Mọ̀pà

Olùkọ́, ètò yín dára, àmọ́ ẹ gbàgbé pé igi ìdáná àti gáàsì náà jẹ́ owó. Ẹ̀wà tí wọ́n ń tà báyìí le bí òkúta. Bí kò bá sí káún, kò lè rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Káún la fi ń se é láti ìgbà àwọn ìyá wa, kò pa ẹnì kankan. Ìyá ọkọ mi sì wà nílé, ẹ̀wà máa ń fún un ní afẹ́fẹ́ ní ikùn, ó máa ń ké lóru. Ṣé kí n máa fún un ni àbí kí n má fún un?

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ní ìdáhùn kan náà: kí ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ ṣà á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ láti alẹ́. Bí oòrùn bá mú gan-an, ẹ yí omi náà padà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sùn, kí ó má baà kan. Láàárọ̀, ẹ da omi náà nù pátápátá, kí ẹ fi omi tuntun sè é. Ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ jẹ́ oríṣi ṣúgà kan tí ìfun wa kò lè dà. Ó máa ń yọ sínú omi tí a fi rẹ ẹ́. Bí ìyá bá ṣì ń ní ìnira, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ da omi yẹn náà nù kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ìwọ̀n fítámì kan máa bá omi lọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ó má jẹ ẹ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ní abọ́ rẹ̀. Gbẹ̀gìrì àti mọ́ín-mọ́ín, níwọ̀n bí a ti bó èèpo wọn, máa ń rọrùn fún àgbà ju ẹ̀wà eléèpo lọ.

Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú máa ń jinná ní bíi ìdajì àsìkò tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi ìdáná tí ẹ ń sọ náà nìyẹn. Káún máa ń mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń kún ti ọbẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá di dandan nítorí ẹ̀wà tó ti pẹ́, orí ìka kékeré kan ló tó fún agolo mẹ́rin.

Ẹ má kọ́kọ́ da tòmátì sínú ẹ̀wà. Kíkan inú tòmátì ló ń mú èèpo ẹ̀wà le, ó lè fi wákàtí kan kún ìdáná. Iyọ̀ kò ṣe ohun tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi sí i nígbà tó bá kù díẹ̀.

---

Ìyá Oníyán, Mọ̀pà

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti tòmátì yẹn, mo gbọ́. Ní ti káún, mi ò gbà tán. Ẹni tó ń dé láti oko ní alẹ́, tí kò rẹ ẹ̀wà sílẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Kó sùn láìjẹun? Ẹ̀wà tó jinná pẹ̀lú káún ṣì sàn ju ẹ̀wà tí ọmọ kò lè jẹ lọ.

---

Bàbá Oníkóró, Ìsánlú

Mo ń ta ẹ̀wà, mo fẹ́ bá yín sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé inú ìkòkò. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àká gbígbóná ló máa ń le tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀bi alásè. Bí ẹ bá wò ó, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú, kò ní dán, èèpo rẹ̀ á gbẹ tí á máa já bí ẹ bá rà á láàárín ìka. Ẹ̀wà olóyin tuntun àti ẹ̀wà funfun tuntun kò nílò káún rárá.

Kí ẹ sì ṣọ́ mùdù. Ìsàlẹ̀ mùdù míràn ti wọ inú, òmíràn ní ohun tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ mú agolo mílíkì yín lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi wọn mùdù oníṣòwò yín. Tí agolo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò bá jáde nínú rẹ̀, gbogbo ìṣirò Olùkọ́ ti dín kí ẹ tó dé ilé.

Ohun kejì ni oògùn. Àwọn kan ń fọ́n oògùn apakòkòrò olómi, irú èyí tí a fi ń pa aáyán, sí ẹ̀wà láti lé kòkòrò. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ti oúnjẹ, fífọ̀ kò sì lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀wà tó ní ihò méjì mẹ́ta tó fi hàn pé kòkòrò gbé inú rẹ̀ rí kò jẹ́ kí n bẹ̀rù bí ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn. Ẹni tó bá ra púpọ̀ lásìkò ìkórè, kí ó gbẹ ẹ́ dáadáa nínú oòrùn, kí ó da á kún kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ títí dé ọrùn, kí ó dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí, láìsí oògùn kankan. Bí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké sàn ju ńlá kan lọ.

---

Ìyá Dámi, Kàbà

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti ń rò pé agolo mẹ́jọ ni mùdù mi ń jẹ́, mo máa fi agolo wọ̀n ọ́n. Olùkọ́, ohun tó ń dà mí láàmú ni mọ́ín-mọ́ín. Nígbà mìíràn kì í dì, ó máa ń dà bí ògì nínú ewé. Nígbà mìíràn ẹ̀wà lílọ̀ náà á kan kí n tó débi ìdáná. Kí sì ni mo ṣe fún ẹ̀wà tó kù dòwúrọ̀?

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Mọ́ín-mọ́ín tí kò dì, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agolo ẹ̀wà mẹ́rin kò nílò ju ìwọ̀n omi tó máa jẹ́ kí ẹ̀wà lílọ̀ náà máa ṣàn rọra kúrò lórí ṣíbí lọ. Bó bá ń dà bí omi ọbẹ̀, ó ti pọ̀. Ohun kejì ni pé ẹ rẹ ẹ̀wà náà pẹ́ jù kí ẹ tó bó o. Fún bíbó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, èèpo á ti ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ náà kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ, nítorí ata àti ọkà àná tó kù nínú rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀wà lílọ̀ kan. Ẹ fi alùbọ́sà àti ata lọ̀ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kí omi tó ń jáde lára wọn wà nínú ìṣirò omi yín.

Ẹyin mẹ́rin tí ẹ lù sínú rẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ láti dì. Ẹyin sísè tí a gé sínú ewé dára lójú, àmọ́ ẹni tó bá bọ́ sí ewé tí kò ní ẹyin á pàdánù ìpín rẹ̀. Bí a bá lù ú, ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn.

Ní ti kíkan: ẹ̀wà lílọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró ju wákàtí kan lọ nínú ooru wa kí ó tó wọ ìkòkò. Ẹ sun iná, kí omi máa hó kí ẹ tó dé láti ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá wà nínú ewé, ẹ sè é láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí ẹ sì máa fi omi gbígbóná kún omi ìsàlẹ̀. Bó bá jinná, ọ̀bẹ tí ẹ gún un máa jáde ní mímọ́.

Ẹ̀wà tó kù di òwúrọ̀: ẹ tún un sè títí yóò fi hó gidi, kí ẹ dé e, ẹ má ti ṣíbí tí ẹnu ti kàn bọ inú ìkòkò. Ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án, kí ó parí. Bó bá ti ń yọ̀ bí ilá, tó ń ṣe ìfóófó, tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Tí ẹ bá tún un sè, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n májèlé tó ti fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè má kúrò. Ìrẹsì náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ burú jù.

---

Ọmọ Odò, Lọ́kọ́jà

Ẹja ni iṣẹ́ mi. Olùkọ́ ti sọ pé kí ẹ dín in lọ́jọ́ tí ẹ rà á, mo fẹ́ fi ìdí kan kún un. Kòtè àti Títọ́ọ̀sì kì í ṣe irú ẹja àrọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ́ nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, májèlé kan lè jáde nínú wọn tí kò ní òórùn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa rí i bíi pé ata ń ta á lẹ́nu, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á fọ́. Sísè àti dídín kò lè lé e jáde. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn tó ń ra ẹja ní Lọ́kọ́jà lọ sí Kàbà àti Ìsánlú pé kí wọ́n má gbé e sínú ọ̀rá dúdú nínú ọkọ̀. Páálí tí ẹ fi yìnyín sí, kí ẹ rọ́ ìwé ìròyìn yí i ká, ni kí ẹ gbé e sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ojú rẹ̀ kó dán, kó má wọ inú. Ẹ ṣí ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kí ó pupa. Bí ikùn rẹ̀ bá ti bẹ́, ó ti yọ́ tí wọ́n sì tún dì í, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka: bí ojú ibẹ̀ bá padà sípò, ó dára.

Fún owó kékeré, ẹ gbìyànjú ṣáwá dípò apá kan kòtè. Egungun rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyí tó fi rọjú. Ẹ dín in kí ó gbẹ kankan, kí egungun náà fọ́ lẹ́nu. Nínú egungun yẹn ni kálísíọ̀mù wà, ìyẹn ni ọmọ ọdún 10 nílò. Fún ọmọ kékeré, ẹ bá a ṣà á dáadáa, tàbí kí ẹ fi kòtè fún un.

---

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan nípa ẹ̀fọ́? Ẹ̀fọ́ ewúro àti tẹ̀tẹ̀ náà ní purotéènì púpọ̀. Mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán kan pé ewé kan tó ẹran.

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Ewé tútù tó wọn gíráàmù 100, ìkúnwọ́ ńlá kan, kì í sábà ju gíráàmù purotéènì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àwọn tó ń kọ nọ́ńbà ńlá máa ń wọ̀n ewé tó ti gbẹ, tí omi ti jáde. A kì í jẹ ẹ̀fọ́ gbígbẹ tó gíráàmù 100 ní abọ́ kan. Ẹ má fi ẹ̀fọ́ ka purotéènì.

Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ yàtọ̀. Òun ló ń mú fítámì A àti irin wá, ó sì ń bá ẹ̀wà mú kí ìgbẹ́ rọrùn. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa bí kò bá sí fítámì C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ gé tòmátì tútù tàbí ata rodo díẹ̀ sí abọ́, tàbí kí ẹ jẹ ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má mu tíì mọ́ ẹ̀wà, ó máa ń dí irin náà lọ́nà. Wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ mu ún.

Ní sísè, ẹ fọ ewé náà ní odindi, kí ẹ tó gé e. Èyí tí a gé tí a wá ń bọ sínú omi leralera ti pàdánù púpọ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre kò nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ lórí ọbẹ̀ tó ti hó. Ewúro ni kí ẹ fi iyọ̀ rà kí kíkorò rẹ̀ dín, kí ẹ má baà sè é títí yóò fi dúdú.

---

Ìyá Oníyán, Mọ̀pà

Ewúro tí a fọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ewúro mọ́. Àwa fẹ́ kí ó korò díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀.

---

Ìyá Dámi, Kàbà

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Dámi ka ìṣirò agolo kan àti ẹyin márùn-ún, ó ní kí n bá òun wá iye rẹ̀ lọ́jà. Ìbéèrè kan ló kù: bí mi ò bá rí ọkà bàbà lọ́sẹ̀ kan, kí ni kí n fi dí 320 yẹn?

---

Bàbá Oníkóró, Ìsánlú

Àgbàdo. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kó má ṣòfò. Kò ní dà bíi túwó ọkà bàbà lẹ́nu, àmọ́ purotéènì rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọkà bàbà.

---

Olùkọ́ Alásè, Ìyàrà

Tàbí sóyà. Agolo sóyà kan ní bíi gíráàmù purotéènì 50, ju ẹ̀wà lọ, ẹ sì lè lọ agolo kan mọ́ agolo ẹ̀wà mẹ́ta fún àkàrà. Ẹ bọ̀ ọ́ ná fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ bó o kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Tútù rẹ̀ máa ń ní òórùn ewé tí àwọn ọmọ kì í fẹ́, ó sì ní ohun kan tó ń dí ara lọ́wọ́ láti da purotéènì. Bí ẹ bá rí àwáàrà sóyà lọ́jà, ìyẹn náà tó, ẹ dín in pẹ̀lú ata. Ẹ sọ fún wa iye tí wọ́n ń ta agolo sóyà ní Kàbà, kí n lè ṣírò èyí tó rọjú nínú òun àti ẹ̀wà.